Orí Kẹrin: Ìpalára, Ìwáyé àti Àìrí — Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ìkùnà Lórí Ẹ̀rọ Ìdìpọ̀ Oúnjẹ

Nígbà tí oníbàárà bá ra àpò ìpékeré kan tí ojú rẹ̀ ti là, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti rọ̀, inú ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ìkùnà náà ti bẹ̀rẹ̀. Orí ẹ̀rọ ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí èérún ìpékeré há sáàárín irin gbígbóná méjì tó ń lẹ náílọ́ọ̀nù pọ̀. Iṣẹ́ tí orí yìí ń kọ́ni ni bí a ṣe ń jókòó kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, ká to gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀rọ ìdìpọ̀ lè gbà kùnà lẹ́sẹẹsẹ, ká béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fà, ká sì fún un ní nọ́ńbà mẹ́ta tí a ó fi mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ dojú kọ.

FMEA ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé iṣẹ́ yìí. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló gbé ìlànà rẹ̀ jáde nínú ìwé MIL-P-1629 lọ́dún 1949. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí iléeṣẹ́ Pillsbury àti àjọ NASA ń wá ọ̀nà tí oúnjẹ àwọn tó ń rìnrìn àjò sí òfúrufú kò fi ní ṣe wọ́n ní jàǹbá, irú ìrònú kan náà ló bí ìlànà HACCP tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ń lò lónìí. Ẹni tó ti ní HACCP kò ní láti dà á nù. HACCP ń ṣọ́ àwọn ibi tí ewu ti lè dé bá ẹni tó ń jẹun, ṣùgbọ́n FMEA ń wo ẹ̀rọ náà ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì ń béèrè bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe lè ṣì í ṣe.

Nọ́ńbà mẹ́ta náà nìyí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń wà láàárín 1 sí 10. S ni ìpalára, ìyẹn bí ohun tí ìkùnà náà fà ti burú tó. O ni ìwáyé, ìyẹn bí ohun tó ń fà á ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra tó. D ni àìrí, ìyẹn bó ti ṣòro tó láti rí ìkùnà náà kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ kíyè sí i pé ní ti D, nọ́ńbà kékeré ló dára: 1 túmọ̀ sí pé kò lè fara pamọ́ fún wa, 10 túmọ̀ sí pé a kò ní ọ̀nà kankan láti rí i. A ó wá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn:

```
RPN = S × O × D
```

Ìṣirò náà kò le. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí lẹ́yìn, ká má sì jẹ́ kí ìlọ́po náà bo ìpalára mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká sì bá a dé òpin. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń di ìpékeré àti ẹ̀pà yíyan sínú àpò 50 gíráàmù, tí àwọn méjèèjì sì ń gba orí ẹ̀rọ kan náà kọjá. Ẹ̀rọ náà ń di àpò 40 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá dúró rárá, ìyẹn jẹ́ àpò 2,400 ní wákàtí kan, àti 19,200 nínú ṣíìfù wákàtí 8.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Róòlù náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ti tẹ orúkọ ọjà sí lára wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń fà á gba orí irin tó ń ká a di ọ̀pá, irin gbígbóná kan ń lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ lóòró, irin ìlẹ̀pọ̀ méjì sì ń pàdé láti lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òṣùwọ̀n tó wà lókè á da ìwọ̀n ìpékeré tó yẹ sílẹ̀, irin ìlẹ̀pọ̀ á pa dé lókè àpò náà, ọ̀bẹ á gé e, àpò á sì já bọ́ sórí bẹ́líìtì. Ní àárín ọ̀nà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré ti tẹ ọjọ́ tí ọjà máa parí sí i. Ẹ̀rọ aṣàwárí irin tún wà níbẹ̀. Ní ìparí, àwọn òṣìṣẹ́ á kó àpò sínú páálí.

Àwọn tó máa jókòó ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá nìkan. Ẹ pe ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ, mẹkáníìkì, ẹni tó ń yẹ ọjà wò, àti ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀. Ẹni sítọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni róòlù náílọ́ọ̀nù ti ń jáde. Kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wọn lọ dúró ti ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, àti nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ọjà.

Lórí ìwé, ìlà kọ̀ọ̀kan máa ní ìgbésẹ̀, ìkùnà, àbájáde, ohun tó fà á, àti ọ̀nà tí a ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń da nǹkan pọ̀. "Ojú ìlẹ̀pọ̀ là" ni ìkùnà. "Ìpékeré rọ̀, epo inú rẹ̀ sì kan" ni àbájáde. "Èérún há sáàárín irin ìlẹ̀pọ̀" ni ohun tó fà á. Bí irin ìlẹ̀pọ̀ tí kò gbóná tó bá tún lè fa ìkùnà kan náà, ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni yóò ní, nítorí pé kì í ṣe iye ìgbà kan náà ni méjèèjì ń ṣẹlẹ̀, a kì í sì í rí wọn lọ́nà kan náà.

Ẹni tó bá ní àpò tó là lọ́wọ́ lè mọ èyí tó fà á bó bá fara balẹ̀ wò ó. Èérún máa ń fi kókó kékeré kan sílẹ̀ lójú kan ṣoṣo, àyíká rẹ̀ nìkan ló sì ń là. Bí irin kò bá gbóná tó, gbogbo ojú ìlẹ̀pọ̀ á ṣí láti etí dé etí bí ẹni ṣí àpòòwé, náílọ́ọ̀nù kò sì ní ya. Bí irin bá gbóná jù, ojú ìlẹ̀pọ̀ á hunjọ, náílọ́ọ̀nù á sì máa ya létí ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àpò tó là, tó sì sáré fi kún gbígbóná irin láìwo ojú rẹ̀, lè fi ìkùnà kejì kún ti àkọ́kọ́.

Ìpalára: ta ni yóò jẹ ẹ́?

Àbájáde ni a ń fún ní nọ́ńbà ìpalára, a kò wo ohun tó fà á rárá. Ìwọ̀n tí a ó lò nínú orí yìí nìyí:

- 9 sí 10: ó lè pa ènìyàn, tàbí kó ṣe é léṣe gidi.
- 7 sí 8: ó lè mú ènìyàn ṣàìsàn, tàbí kó lòdì sí òfin débi pé a ó kó ọjà padà láti ọjà.
- 4 sí 6: oúnjẹ bàjẹ́ tàbí kò dùn mọ́, oníbàárà á bínú, á sì dá a padà.
- 2 sí 3: oníbàárà lè má fura, àbùkù ara àpò lásán ni.
- 1: kò ní àbájáde kankan.

Ojú ìlẹ̀pọ̀ tó là lára àpò ìpékeré gba 5. Ọjà gbígbẹ ni, kò ní omi tí kòkòrò àrùn lè fi dàgbà nínú rẹ̀ kíákíá, nítorí náà ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé yóò rọ̀, yóò sì pàdánù adùn. Ṣùgbọ́n ká ní ẹja tútù tàbí ọbẹ̀ tí wọ́n sè pa mọ́ sínú àpò fún oṣù púpọ̀ ni, ojú ìlẹ̀pọ̀ tó là yẹn kan náà á jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé, ìpalára rẹ̀ á sì di 9 tàbí 10. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ ṣe àdàkọ nọ́ńbà ìpalára láti inú ìwé ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ wá wo ìkùnà kejì: ẹ̀pà wọnú àpò tí wọ́n kọ ìpékeré sí. Lójú ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ, àṣìṣe kékeré ni èyí, nítorí pé ẹ̀pà náà dára, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà ni kí a fi díwọ̀n. Ní ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ lè mú kí ọ̀fun wú, kí èémí dí, kí ó sì kú kó tó dé ilé ìwòsàn. Ìlànà àgbáyé Codex lórí àkọlé oúnjẹ inú àpò, CXS 1-1985, ka ẹ̀pà mọ́ àwọn oúnjẹ tí a gbọ́dọ̀ kọ sára àpò nígbà gbogbo. Ìpalára rẹ̀ jẹ́ 10. Bí ẹnì kan nínú ìjókòó bá sọ pé àwọn tí ẹ̀pà lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, òun ti fi ìwáyé dá ìpalára lóhùn. Ẹni tó lè fara gbá a jù lọ ni a fi ń díwọ̀n ìpalára.

Ìkùnà kẹta ni irin: wáyà tó já lára asẹ́, tàbí etí ọ̀bẹ tó kán. Ó lè gé ènìyàn lẹ́nu tàbí kó há sí ọmọdé lọ́fun, nítorí náà ó gba 9. Ìkẹrin ni ọjọ́ ìparí tí kò hàn dáadáa lára àpò, a sì fún un ní 4.

Ìwáyé: ẹ lọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ má lọ sínú ìrántí

Fún ìwáyé, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti lò láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí: 10 ni 1 nínú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 8 ni 1 nínú 50, 7 ni 1 nínú 100, 6 ni 1 nínú 500, 5 ni 1 nínú 2,000, 4 ni 1 nínú 10,000, 3 ni 1 nínú 100,000, 2 ni 1 nínú 1,000,000. Bí iye tí a rí bá bọ́ sáàárín méjì, ẹ mú èyí tó burú jù.

Ilé-iṣẹ́ wa rì àpò bọ omi, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó jáde. Wọ́n rí i pé nínú 200 àpò, bí ọ̀kan ló ń jò. Ìyẹn wà láàárín 7 àti 6, nítorí náà 7 ni.

Ní ti ẹ̀pà nínú àpò ìpékeré, gbogbo ìjókòó kọ́kọ́ sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n sì kọ 2. Ohun méjì ni kò tọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àpò kọ́ ló yẹ ká kà. Àṣìṣe yìí máa ń wáyé nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọjà, ìpààrọ̀ kan tó bá ṣì sì lè fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò: bí àpò kan bá gba náílọ́ọ̀nù sẹ̀ǹtímítà 20, róòlù mítà 1,000 jẹ́ àpò 5,000. Iye ìgbà tí a pààrọ̀ ọjà ni kí a kà. Ìkejì, ìwáyé ń ka ìgbà tí ohun tó fà á ṣẹlẹ̀, yálà ọjà jáde tàbí kò jáde. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ṣíìfù, wọ́n rí i pé wọ́n ń pààrọ̀ ọjà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 300 lọ́dún, ìyẹn 1,200 ní ọdún méjì. Ní ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti gbé róòlù ìpékeré kọ́ ẹ̀rọ nígbà tí ẹ̀pà wà lókè, ẹnì kan ló ṣàkíyèsí rẹ̀ kí wọ́n tó tan iná. Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ nítorí pé kò dé ọjà. 1 nínú 1,200 wà láàárín 6 àti 5, nítorí náà 6 ni, kì í ṣe 2.

Ẹ̀rọ aṣàwárí irin ti mú irin gidi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, nínú nǹkan bí 5,760,000 àpò. Ìyẹn kò tó 1 nínú 1,000,000, a ó fún un ní 2. Ọjọ́ tí kò hàn wáyé ní nǹkan bí 1 nínú 500, ó sì gba 6.

Àìrí: kí ni àyẹ̀wò wa lè rí ní tòótọ́?

Àwọn àgbà ní àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Nọ́ńbà àìrí ń béèrè pé, bí ìkùnà bá ti wáyé, ṣé ọ̀nà àyẹ̀wò tí a ní lónìí á mú un kó tó jáde? Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí:

- 1 sí 2: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń dúró, àbùkù kò lè kọjá.
- 3 sí 4: ẹ̀rọ ń yẹ gbogbo àpò wò, ó sì ń ti èyí tí kò dára sẹ́gbẹ̀ẹ́.
- 5 sí 6: ènìyàn ń fi ohun èlò wọn ọjà ní gbogbo ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.
- 7 sí 8: ojú ènìyàn lásán, tàbí kí a máa mú ìwọ̀nba díẹ̀ wò.
- 9 sí 10: àyẹ̀wò ṣákálá, tàbí kò sí rárá.

Ní ti ojú ìlẹ̀pọ̀, ilé-iṣẹ́ wa ń mú àpò 5 ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ń rì wọ́n bọ omi. Nítorí pé wọn kì í pa á jẹ, wọ́n kọ 4. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí 1 nínú 200 bá ń jò, tí àpò tó ń jò kò sì tẹ̀lé ara wọn, àǹfààní pé àpò kan dára jẹ́ 0.995. Pé márààrún á dára ni:

```
0.995^5  = 0.975
0.995^80 = 0.670
```

Èyí túmọ̀ sí pé nínú 100 ìgbà tí wọ́n bá mú àpò 5, ìgbà 2 tàbí 3 péré ni wọ́n á rí èyí tó ń jò. Kódà bí a bá kó gbogbo àyẹ̀wò ṣíìfù kan jọ, 16 lọ́nà 5, ìyẹn àpò 80, nínú ṣíìfù mẹ́ta, méjì á parí láìrí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ nínú 19,200 àpò ṣíìfù yẹn, nǹkan bí 96 ló ń jò tó sì ti lọ. Àyẹ̀wò yẹn kò burú: bí irin ìlẹ̀pọ̀ bá tutù, tí gbogbo àpò ń là, á mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti èérún tó ń há lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò lè mú un. Ìlà ti irin tó tutù lè gba 5. Ìlà ti èérún gba 8.

Ní ti róòlù tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú ẹni tó gbé e kọ́ ẹ̀rọ nìkan ni àyẹ̀wò tó wà, àpò méjèèjì sì jẹ́ àwọ̀ òféèfèé pẹ̀lú àkọlé funfun. Wọ́n kọ́kọ́ kọ 3, nítorí pé "ẹnikẹ́ni tó bá lójú á rí i." Àmọ́ ẹni tó ti di àpò ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti òwúrọ̀, tí ọ̀gá ṣíìfù sì ń kán lójú láti tan ẹ̀rọ, kì í ka àkọlé mọ́. Ojú lásán ni, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 7.

Ẹ̀rọ aṣàwárí irin ń wo gbogbo ọjà, ó sì ń ti èyí tó ní irin sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ó gba 3, bí ohun méjì bá wà. Èkíní ni ibi tí wọ́n gbé e sí. Bí náílọ́ọ̀nù náà bá ní alumíníọ̀mù nínú, bí ọ̀pọ̀ àpò ìpékeré tó ń dán nínú ṣe rí, ẹ̀rọ tí àpò ń gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìdìpọ̀ á máa gbọ́ alumíníọ̀mù nìkan, irin kékeré á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí ìpékeré ti ń já bọ́ láti òṣùwọ̀n kó tó wọ àpò, ni kó wà. Èkejì ni ìdánwò wákàtí dé wákàtí pẹ̀lú àwọn ẹyọ ìdánwò mẹ́ta: irin lásán, idẹ, àti irin tí kì í dípẹtà. Èyí tó kẹ́yìn ló máa ń ṣòro jù láti rí, òun sì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ asẹ́ àti ọ̀bẹ. Bí ẹ̀rọ bá kùnà nínú ìdánwò kan, gbogbo ohun tí wọ́n dì láti ìgbà ìdánwò tó dára kẹ́yìn, tó lè tó àpò 2,400, gbọ́dọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wọ́n á fi tún un yẹ̀ wò.

Ní ti ọjọ́ tí kò hàn, kámẹ́rà kan ń wo gbogbo àpò, 4 ni.

Ohun tí ìlọ́po náà sọ, àti ohun tí kò sọ

Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ láti inú ìrántí nìyí, pẹ̀lú èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹ̀rí:

| Ìkùnà | Láti inú ìrántí | Lẹ́yìn ẹ̀rí |
|---|---|---|
| Ojú ìlẹ̀pọ̀ là nítorí èérún | 5 × 7 × 4 = 140 | 5 × 7 × 8 = 280 |
| Ẹ̀pà wọ àpò ìpékeré | 10 × 2 × 3 = 60 | 10 × 6 × 7 = 420 |
| Irin wọ inú ọjà | 9 × 2 × 3 = 54 | 9 × 2 × 3 = 54 |
| Ọjọ́ ìparí kò hàn | 4 × 6 × 4 = 96 | 4 × 6 × 4 = 96 |

Ẹ wo ìlà kejì. Nígbà tí wọ́n fi ìrántí kọ ọ́, ìkùnà tó lè pa ènìyàn wà lábẹ́ ọjọ́ tí kò hàn. Lẹ́yìn ẹ̀rí, ó bọ́ sí òkè pátápátá. Kò sí ohun tó yí padà lórí ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ló yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí nìkan kò tó. Ẹ wo irin: 54 ni títí di ìsinsìnyí, ọjọ́ tí kò hàn sì jẹ́ 96. Bí a bá tẹ̀lé ìlọ́po náà láìronú, à bá tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ṣáájú ohun tó lè gé ọmọ lọ́fun. Ohun tó fà á ni pé nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyí jẹ́ ipò, bí ẹ̀kíní àti ẹ̀kejì. Wọn kì í ṣe ìwọ̀n bíi gíráàmù. Ìpalára 10 kì í ṣe ìlọ́po méjì ìpalára 5. Kódà, láàárín 1 sí 1,000, nọ́ńbà 120 péré ni ìlọ́po mẹ́ta yìí lè fún wa, ọ̀pọ̀ ìkùnà tí kò jọra rárá ló sì máa ń bọ́ sórí nọ́ńbà kan náà. 10 × 2 × 6 àti 4 × 6 × 5 jẹ́ 120 méjèèjì.

Àṣà kan wà tó burú ju èyí lọ: kí ilé-iṣẹ́ sọ pé ohunkóhun tí kò bá tó 100, kò sí ohun tí a ó ṣe sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, nọ́ńbà 96 àti 98 á bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ lórí ìwé, torí pé ó rọrùn láti dín D kù ní ẹyọ kan ju láti tún ẹ̀rọ ṣe. Ìwé ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà àti Jámánì jọ gbé jáde lọ́dún 2019 ti pa lílo ìlọ́po yìí tì, wọ́n fi tábìlì rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń wo ìpalára ṣáájú, lẹ́yìn náà ìwáyé, kó tó wo àìrí.

Ẹni tó ṣì ń lo ìlọ́po lè fi òfin méjì dáàbò bo ara rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́: ìlà tí ìpalára rẹ̀ bá jẹ́ 9 tàbí 10, a ó kọ́kọ́ jíròrò rẹ̀, ohun yòówù kí RPN rẹ̀ jẹ́, a ó sì kọ orúkọ ẹni tó máa bójú tó o. Òfin kejì: nínú àwọn tó kù, RPN ni a ó fi tò wọ́n tẹ̀léra, kì í ṣe láti fi yọ èyíkéyìí sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ̀pà àti irin ló máa kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀, ojú ìlẹ̀pọ̀ tẹ̀lé wọn, ọjọ́ ìparí gbẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ àtúnṣe, àti fífún un ní nọ́ńbà tuntun

Fún ẹ̀pà, ilé-iṣẹ́ náà pààrọ̀ àwọ̀ àpò ẹ̀pà sí pupa, wọ́n pín sítọ̀ náílọ́ọ̀nù sí yàrá méjì, wọ́n sì pàṣẹ pé róòlù ọjà tó kọjá gbọ́dọ̀ kúrò nítòsí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kà á, kí tuntun tó wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n fi sikánà tó ń ka báákóòdù sí ẹ̀rọ: bí báákóòdù kò bá bá ọjà tí wọ́n yàn mu, ẹ̀rọ á dúró fúnra rẹ̀. Wọ́n rí i dájú pé sikánà náà ń ka àpò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ róòlù nìkan, torí pé àwọn tó ń tẹ náílọ́ọ̀nù máa ń so róòlù méjì pọ̀ nígbà míràn, apá kejì sì lè jẹ́ ti ọjà mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ṣíìfù, wọ́n ń fi àpò tí kò bá a mu dán sikánà wò, láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ á dúró ní tòótọ́.

Kí ni nọ́ńbà tuntun? Àìrí bọ́ láti 7 sí 2. Ìpalára dúró sí 10: sikánà kò sọ ẹ̀pà di ohun tí kò léwu mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìpalára lè gbà dínkù ni kí ẹ̀pà kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn pátápátá. Ìwáyé ńkọ́? Ó wu ẹgbẹ́ náà láti dín in kù nítorí sítọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní ẹ̀rí. Òfin kan wà tó rọrùn: bí a bá ti wo nǹkan ní iye ìgbà kan láìrí àbùkù kankan, ẹ pín 3 sí iye ìgbà náà, ìdáhùn rẹ̀ ni ìwọ̀n àbùkù tó pọ̀ jù tó ṣì lè wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpààrọ̀ 600 láàárín ọdún kan láìsí àṣìṣe fi hàn pé kò ju 1 nínú 200 lọ, ìyẹn kò sì tó láti kúrò ní 6. Nítorí náà, 10 × 6 × 2 = 120. Kò burú kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ohun tó ṣọ̀wọ́n tó sì léwu, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń dá ara rẹ̀ dúró ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ìrètí pé kò ní wáyé.

Ẹ rántí pé sikánà kò rí ìyẹ̀fun ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù nínú òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá padà sí ìpékeré. Ìkùnà mìíràn nìyẹn. Ó ní ìlà tirẹ̀, ìpalára rẹ̀ jẹ́ 10 bákan náà, ìfọ̀mọ́ àti ìdánwò ohun tó ṣẹ́ kù lójú irin ló sì máa dáhùn rẹ̀. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n máa di ìpékeré ṣáájú, kí ẹ̀pà gbẹ̀yìn lójúmọ́, kí ìfọ̀mọ́ ńlá sì wáyé lálẹ́. Ìpààrọ̀ ọjà tún dínkù bẹ́ẹ̀.

Fún irin, àìrí ti dára. Ìwáyé ni wọ́n dojú kọ: kí wọ́n máa wo asẹ́ àti ọ̀bẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ṣíìfù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí irin ti ń wá dípò kí wọ́n kàn máa mú un.

Fún ojú ìlẹ̀pọ̀, ohun tó fà á ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́. Wọ́n fi asẹ́ yọ èérún kúrò kí ìpékeré tó dé òṣùwọ̀n. Wọ́n jẹ́ kí epo ro dáadáa. Wọ́n tún àkókò ìdàsílẹ̀ ṣe, torí pé ìpékeré tó já láti òkè kì í dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń kẹ́yìn, àwọn náà sì ni irin ń pa dé lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi róólà kan sórí bẹ́líìtì tó ń tẹ gbogbo àpò, tó sì ń ti èyí tó bá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àìrí di 4. Kí wọ́n tó kọ ìwáyé 5, ìyẹn 1 nínú 2,000, òfin 3 yẹn ní kí wọ́n rì àpò 6,000 bọ omi láìrí èyí tó ń jò. Wọ́n pín in sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àti sí ṣíìfù òwúrọ̀ àti ti alẹ́, kí ó má bàa jẹ́ ọjọ́ dáadáa kan ni wọ́n dán wò. Ó yege, nọ́ńbà rẹ̀ sì di 5 × 5 × 4 = 100.

Ìgbà tí a ó tún ìwé náà ṣí

Ìwé yìí kò gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì títí di ọjọ́ àyẹ̀wò ìjọba. Ẹ tún un ṣí nígbà tí ọjà tuntun bá gun orí ẹ̀rọ, nígbà tí ẹ bá yí ẹni tó ń ta náílọ́ọ̀nù padà, nígbà tí ẹ bá fi kún ìyára ẹ̀rọ, àti nígbàkúùgbà tí ẹ̀sùn oníbàárà bá kan ìkùnà tí kò sí lórí ìwé. Ẹ tún un ṣí nígbà tí ohun kan bá kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, kódà bí kò bá dé ọjà.

Ohun tuntun tí ẹ bá fi kún ẹ̀rọ náà tún ní ìkùnà tirẹ̀. Sikánà lè dọ̀tí. Ẹnì kan lè pa á nítorí pé ó ń dá ẹ̀rọ dúró jù. Róólà lè jẹ tí kò fi ní tẹ àpò dáadáa mọ́. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ìlà tuntun, ẹ fún un ní nọ́ńbà mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ẹ̀rí tí ẹ fi mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ojú ìwé àkọsílẹ̀ wo, àpò mélòó, ọjọ́ wo. Nọ́ńbà tí kò bá ní ẹ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ 10 sí i títí ẹ̀rí á fi dé.